Ìdámẹ́rin Mẹ́ta Tóbi Tó Báwo? Ètò Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta fún Kíkọ́ Ìdá ní Kíláàsì Karùn-ún

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú iṣẹ́ sáà tó parí. Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìdá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé ọmọ kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣí níwájú yín, torí láti orí ìwé yẹn ni ètò mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí, mo kọ ìṣirò yìí sí ojú pátákó: 1/2 + 1/3. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó mọ ìwé, tó mọ àkọsórí ìsọdipúpọ̀ dé méjìlá láì kọsẹ̀. Ó kọ 2/5. Ó ro 1 pọ̀ mọ́ 1, ó ro 2 pọ̀ mọ́ 3, ó fi ìlà sí i lábẹ́ dáadáa. Nígbà tí mo yẹ ìwé àwọn tó kù wò, òun nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo pè é sídìí tábìlì mi. Mo ní, “Ọmọ mi, bí mo bá fún ọ ní ìdajì búrẹ́dì, tí mo tún gé ìdámẹ́ta irú búrẹ́dì yẹn kún un, ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ á ju ìdajì lọ, àbí kò ní tó ìdajì?”

Ó ní, “Á jù ú lọ, mà.”

“2/5 tí o kọ yìí ńkọ́? Ṣé ó ju ìdajì lọ?”

Ó dákẹ́, ó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Mi ò mọ bó ṣe tóbi tó, mà.”

Ohun tó ń ṣe é gan-an ló sọ yẹn. Ìròpọ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Lójú rẹ̀, 2/5 jẹ́ nọ́ńbà méjì tí wọ́n to léra, kò mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, tó tóbi níwọ̀n kan, tó sì ní àyè tirẹ̀ láàárín 0 àti 1. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbà kí ọmọ ro ìdá kankan pọ̀ mọ́ òmíràn títí tó fi lè sọ fún mi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe tóbi tó. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ń gba ìyẹn. Ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ò dé títí di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti orúkọ ná, kí n tó débi ọjọ́ kìíní, torí ẹnu àwa olùkọ́ ni àṣìṣe púpọ̀ ti ń wọlé. Bá a bá rí 3/4, ọ̀pọ̀ wa ń kà á pé “mẹ́ta nínú mẹ́rin.” Kò burú bá a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni ọmọ ń gbọ́ ọ, nọ́ńbà méjì ló gbọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ bá sì wá dé orí 5/4, ẹ ó ní kó mú márùn-ún jáde nínú mẹ́rin. Báwo ló ṣe fẹ́ mú un jáde?

Yorùbá ní orúkọ tó dára ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìdámẹ́wàá. Wọ́n mọ̀ pé ohun kan ni, pé tí wọ́n bá pín owó sí ọ̀nà mẹ́wàá tó dọ́gba, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdámẹ́rin ṣe jẹ́ orúkọ ègé kan. Bí ègé yẹn bá ti ní orúkọ, kíkà ló kù: ìdámẹ́rin kan, ìdámẹ́rin méjì, ìdámẹ́rin mẹ́ta, bí ìgbà tá a bá ń ka ọsàn. Ìdámẹ́rin márùn-ún ò ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tò ó: “tíríì kọ́tàsì,” kọ́tà ló ń kà. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní Ilé-Ifẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, àwọn ọmọ yẹn ò sì rẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Èdè wa gba ìṣirò.

Àkíyèsí kan wà níbẹ̀ o. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, “pín in sí ìdá mẹ́ta” túmọ̀ sí kó di ègé mẹ́ta, àmọ́ “ìdámẹ́ta” jẹ́ ègé kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yẹn. Létí ọmọ, ohùn kan náà ni. Nítorí náà, ní kíláàsì mi, bí a bá ń pín nǹkan, “ọ̀nà mẹ́ta” ni mo máa ń sọ. Mo fi “ìdá” sílẹ̀ fún orúkọ ègé nìkan. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n bí mo bá gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo máa ń rí èso rẹ̀ nínú ìwé wọn lọ́jọ́ kejì.

Ó yá, ètò náà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ kìíní, mo máa ń fún wọn ní ìdánwò kékeré, ìbéèrè mẹ́rin, ogún ìṣẹ́jú. N kì í fún wọn ní máàkì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ẹsẹ̀ wọn dúró sí.

Ìbéèrè kìíní jẹ́ àwòrán: èwo nínú wọn ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba? Mo máa ń fi àwòrán bìrìkìtì kan sí i tí wọ́n fi ìlà mẹ́ta là lóòró, tí ègé ẹ̀gbẹ́ kéré, tí ti àárín tóbi. Ọmọ tó bá mú ìyẹn, ègé ló ń kà, kò wo bóyá wọ́n dọ́gba. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ nílé pé kí wọ́n fún òun ní “ìdajì tó tóbi.” Ìbéèrè kejì: búrẹ́dì mẹ́ta fún ọmọ mẹ́rin, eélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Mo fẹ́ rí àwòrán wọn níbẹ̀ ju ìdáhùn lọ. Ìbéèrè kẹta jẹ́ pípín lásán: 24 sí ọ̀nà 2, 3, 4, 6 àti 8. Ìkẹrin ló ń sọ nǹkan jù fún mi. Mo fa ìlà nọ́ńbà kan láti 0 dé 2, mo sàmì sí 1 ní àárín, mo ní kí wọ́n fi 1/2 sí àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á lọ fi í sórí 1. Ìdí ni pé àárín ìlà tí wọ́n rí ni wọ́n wá. Ìdajì ìlà náà ni wọ́n fún mi, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tó ń jẹ́ ìdajì ni mo bèèrè.

Kí ni mo ń fi èsì yẹn ṣe? Bí ó bá ju ìdámẹ́ta kíláàsì lọ tí wọ́n kùnà ìbéèrè kìíní, ọjọ́ Ajé máa jẹ́ ti kíká ìwé àti wíwọ̀n ọ́n bóyá ègé dọ́gba, n kì í kọ nọ́ńbà kankan sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìbéèrè kẹta ni wọ́n kùnà, n kì í dá ẹ̀kọ́ dúró. Mo kàn máa kọ tábìlì 24 sórí páálí, mo máa gbé e kọ́ ara ògiri, kí wọ́n máa wò ó. Ọmọ tí àkọsórí rẹ̀ ò tíì dán mọ́rán lè mọ ìdá dáadáa. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ àkọsórí, kò sì mọ ìdá. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn ò jọra.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dá lórí nǹkan kan tí mò ń pè ní ọ̀já. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń ṣe é. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gé ọ̀já mẹ́fà, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 24, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3. Mo mú 24 torí pé ó pín sí ọ̀nà 2, 3, 4, 6 àti 8 láì ṣẹ́kù. A kì í gé ọ̀já kìíní, a kọ “odidi” sí i lára. Ìkejì ní ìdajì méjì, 12 sẹ̀ǹtímítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta ní ìdámẹ́ta, 8. Ìkẹrin ní ìdámẹ́rin, 6. Ìkarùn-ún ní ìdámẹ́fà, 4. Ìkẹfà ní ìdámẹ́jọ, 3. Ìdajì, ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́jọ ṣeé ká lọ́wọ́. Ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́fà ní láti jẹ́ pẹ̀lú rúlà, torí bí ọmọ bá fi ojú ká a, kò ní dọ́gba, ọ̀já náà á sì máa parọ́ fún un jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà.

Nígbà kan, bìrìkìtì ni èmi náà máa ń yà sójú pátákó, bó ṣe wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ kan mo ya méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo kun ìdajì ọ̀kan, mo kun ìdámẹ́ta èkejì. Bìrìkìtì kejì ti tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ láìmọ̀. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní ìdámẹ́ta ló tóbi jù, ojú òun ló sì rí i. Ohun tó rí lòótọ́ ló sọ, èmi ni mo yí odidi mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ̀já fi gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, kí ọmọ tó lè fi ọ̀kan wọn èkejì.

Ọjọ́ Ajé la ń gé ọ̀já. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń kà wọ́n lókè ohùn, a kì í sì í dúró bá a bá dé odidi: ìdámẹ́rin kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, odidi nìyẹn, ìdámẹ́rin márùn-ún. Ọmọ méjì á kó ègé wọn pọ̀ kí márùn-ún lè tó. Ọjọ́rú la tó kọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ orúkọ ègé, nọ́ńbà òkè ń sọ iye tá a ní. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, a tẹ́ odidi méjì tẹ̀ léra lórí ìwé, a fa ìlà lábẹ́ wọn, a kọ 0, 1 àti 2 sí i. A wá ń fi ègé wọ̀n láti 0, a ń sàmì ibi tó parí sí. Ibẹ̀ ni ọmọ tó fi 1/2 sórí 1 lọ́sẹ̀ tó kọjá ti máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láì jẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Ọ̀já ìdajì rẹ̀ ò dé 1, ó sì rí i.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lọ, ìbéèrè mẹ́ta máa ń wà lójú pátákó kí n tó wọlé, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ọ̀kan jẹ́ ti àná, ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan jẹ́ ti kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìdá rárá, bíi pípín. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí ìwé wò. Ọjọ́ Ẹtì wá jẹ́ ti àtúnyẹ̀wò pátápátá. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún Ẹtì àkọ́kọ́ ni èyí: mo kọ 3/4, mo ní kí wọ́n fi ọ̀já hàn án, kí wọ́n fi í sórí ìlà nọ́ńbà, kí wọ́n sì sọ ohun kan nínú ilé tàbí lọ́jà tó jẹ́ ìdámẹ́rin mẹ́ta. Ọmọ kan sọ fún mi pé ìyá òun ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmọ méjìlá ní Ọjà Ọba, mẹ́ta ti jẹrà, ìdámẹ́rin mẹ́ta ló kù. Ẹ wò ó bó ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà, odidi rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjìlá ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti ìbáradọ́gba àti ìfiwéra. Ìbáradọ́gba kò nira bí ọ̀já bá wà: wọ́n tẹ́ ìdajì kan, wọ́n ń wá ohun tó gùn tó o, wọ́n rí 2/4, 3/6, 4/8. Ọjọ́ kẹta ni mo tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣàkíyèsí nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ ọ́ pé ohun tá a fi sọ òkè di púpọ̀ náà la fi sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Mo wá bèèrè ìdí. Bí ègé bá di kékeré ní ìlọ́po méjì, a máa nílò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kó tó lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi òfin yẹn ṣáájú ọ̀já o, torí ọmọ tó bá gba òfin láì rí gígùn á tún lọ máa fi 2 kún òkè, á fi 2 kún ìsàlẹ̀, á sọ pé 1/2 àti 3/4 dọ́gba.

Ìfiwéra ni mo máa ń lo àkókò lé lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí 1/4 àti 1/8. Àwọn tó bá sọ pé 1/8 ló tóbi, 8 ni wọ́n rí. Mo kàn bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mẹ́rin pín búrẹ́dì yẹn, àbí ọmọ mẹ́jọ?” Ìyẹn máa ń tó. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ọmọ tó bá gbọ́n ló sì sábà máa ń ṣe é. Mo kọ 5/6 àti 7/8. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, “Wọ́n dọ́gba, mà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ku ẹyọ kan kó pé.”

Ọmọ náà ronú. Kí ẹ má sọ pé “rárá” kí ẹ sì kọjá lọ, ẹ ó pàdánù ohun iyebíye. Mo ní kó tẹ́ ìdámẹ́fà márùn-ún sábẹ́ odidi, kó tẹ́ ìdámẹ́jọ méje sábẹ́ ìyẹn. Mo ní, “Fi ìka rẹ sí àyè tó ṣófo.” Ó fi ìka sí méjèèjì. Òkè ṣófo ní sẹ̀ǹtímítà 4, ìsàlẹ̀ ṣófo ní 3. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ohun tó kù ló yàtọ̀, mà. 7/8 ló sún mọ́ odidi jù.” Ìrònú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù ni kó bèèrè pé báwo ni ẹyọ kan yẹn ṣe tóbi tó. Láti ọjọ́ náà, “àyè tó ṣófo” di ọ̀rọ̀ kíláàsì wa. Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, irú rẹ̀ ni mo fi ń ṣe àtúnyẹ̀wò: èwo ló tóbi nínú 3/8 àti 1/2, nínú 2/3 àti 3/4, nínú 5/4 àti 7/8? Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí. Ìdáhùn láìsí ìdí, n kì í gbà á, torí nínú ohun méjì, ẹni tó bá fi ojú dí mú ọ̀kan lè bọ́ sórí òtítọ́.

Ohun kan tí ọ̀já máa ń bàjẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ̀ǹtímítà dáhùn. Ẹ bi wọ́n ní 5/6, wọ́n ní 20. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ gbé ọ̀já tuntun jáde tí odidi rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ ní kí wọ́n fi 5/6 hàn yín lórí rẹ̀. Ó di 10. Gígùn yí padà, orúkọ ò yí padà. Ọ̀já 24 ò sì lè fún yín ní ìdámárùn-ún tó mọ́, torí sẹ̀ǹtímítà 4.8 ló máa jẹ́. Fún ìdámárùn-ún àti ìdámẹ́wàá, ọ̀já 20 tàbí 30 ni kí ẹ gé.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn bá lọ dáadáa, ọ̀sẹ̀ kẹta máa ń yá. Ọjọ́ Ajé, ègé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà la ń rò pọ̀: ìdámẹ́jọ mẹ́ta àti ìdámẹ́jọ méjì, ìdámẹ́jọ márùn-ún. Ìyọkúrò tẹ̀ lé e, títí kan kí wọ́n yọ 3/8 kúrò nínú odidi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń so ìdá tó ju odidi lọ mọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ti gbọ́ “wákàtí kan àbọ̀” mọ 1 1/2, ìdajì mẹ́ta sì ni. Ọjọ́rú, ègé tí ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, bíi 1/2 + 1/4 àti 2/3 + 1/6.

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà sórí 1/2 + 1/3. Kí ẹnikẹ́ni tó mú báírò, mo bèèrè: ṣé á ju ìdajì lọ? Ṣé á tó odidi? Wọ́n gbà pé á ju ìdajì lọ, kò sì ní tó odidi, torí ìdámẹ́ta ò tó ìdajì kejì. Wọ́n wá tẹ́ ọ̀já ìdajì àti ìdámẹ́ta kan tẹ̀ léra. Kò sí orúkọ tá a lè fi pè é báyìí, bí ìgbà téèyàn bá ní ọsàn kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́wọ́. Wọ́n ń wá ègé kan tó lè wọ inú méjèèjì láì ṣẹ́kù. Wọ́n gbìyànjú ìdámẹ́rin, ó wọ inú ìdajì, kò wọ inú ìdámẹ́ta. Wọ́n gbìyànjú ìdámẹ́fà. Mẹ́ta wọ inú ìdajì, méjì wọ inú ìdámẹ́ta. 3/6 + 2/6, 5/6. Lẹ́yìn náà ni mo fi 2/5 hàn wọ́n, tí mo gé láti ara odidi 24 fúnra mi. Sẹ̀ǹtímítà 9.6 ni. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì tó jẹ́ 12. A ní ìdajì, a fi nǹkan kún un, ó wá kéré sí i? Àwọn ọmọ á pariwo pé kò ṣeé ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, mo tún fún wọn ní ìbéèrè mẹ́rin tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi mẹ́rin mìíràn kún un láti inú ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kì í fi ìsọdipúpọ̀ ìdá tàbí pípín ìdá sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí rárá. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, bí a bá dà wọ́n pọ̀, òfin á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tá a ti parí, nígbà tá a ti wà lórí ẹ̀kọ́ mìíràn, mo máa ń mú ìbéèrè kan padà wá láì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Òun ni mo fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà dúró: “Ọmọ kan kọ 1/2 + 1/4 = 2/6. Láì ṣírò, báwo lo ṣe mọ̀ pé kò tọ̀nà?” Àwọn tó bá kọ “torí pé ìdáhùn jẹ́ 3/4” ti ṣírò, ìyẹn dára, àmọ́ n kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n rí bó ṣe tóbi tó. Bí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tàbí àìdáhùn bá pọ̀ ju ìdajì kíláàsì lọ, mo máa ń gba ọjọ́ méjì padà fún ọ̀já àti ìlà nọ́ńbà kí n tó lọ sórí ẹ̀kọ́ ìdá tó kàn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó kùnà ìbéèrè mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kọ èyí sínú ìwé rẹ̀: “2/6 àti 1/3 gùn dọ́gba. 1/3 kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ìdajì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi 1/4 kún un.”